Owó Ọjọ́ Ẹtì Tí Ó Fara Hàn Ní Ọjọ́ Ajé: Ta Ni Ó Pẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí, ẹ ti gbọ́ ariwo rẹ̀ nínú ìpàdé. Ariwo yẹn pọ̀ débi pé àwọn kan ń sọ pé àwọn yóò kó owó wọn kúrò nínú ẹgbẹ́. A ti ní sùúrù, a ti wo ìwé, a ti lọ sí báǹkì lọ béèrè, a sì wá rí i pé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ló jẹ̀bi. Àwa ìgbìmọ̀ ni kò mọ bí báǹkì ṣe ń ka ọjọ́ nígbà tí a ń ṣe òfin wa.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Ẹ̀pẹ́, ìyá tí ó ń ta ẹja yíyan, ní owó ẹ̀yáwó tí ó ń san padà lóṣooṣù, ₦42,500. Òfin wa sọ pé kí owó ti wọlé kí ọjọ́ Ẹtì tí ó kẹ́yìn oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fáìnì ₦1,000. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ọjọ́ Ẹtì yẹn bọ́ sí ọjọ́ 28. Oníbàárà màmá yìí, ẹni tí ó ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ fún ilé oúnjẹ, jẹ ẹ́ lówó. Màmá ní kí ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì ọ̀hún ní orúkọ ẹgbẹ́ tààrà, ó sì mú un lọ sí báǹkì wa ní Ẹ̀pẹ́. Aago 3 kọjá ìṣẹ́jú 20 ni ó dé ibẹ̀. Ilẹ̀kùn báǹkì ṣì ṣí, àwọn ènìyàn wà lórí ìlà, akọ̀wé báǹkì gba ṣẹ́ẹ̀kì, ó lu tẹ́là rẹ̀ ní òǹtẹ̀, ó ní "ó ti parí, màmá." Màmá lọ sílé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ọmọ ẹgbẹ́ wa mìíràn ní Ìkòròdú rántí pé òun kò tíì san tòun. Aago 9 ti lù. Ó jókòó sórí àga nílé rẹ̀, ó tẹ fóònù, ó fi owó ránṣẹ́. Kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, àláàtì ti dún lórí fóònù akápò wa.

Nígbà tí akápò gba sítéètimẹ́ńtì láti báǹkì ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, owó bàbá Ìkòròdú wà níbẹ̀, ti màmá Ẹ̀pẹ́ kò sí. A kọ lẹ́tà fáìnì sí màmá. A fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. A sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí ẹ̀yáwó tuntun kàn, nítorí ẹni tí ó bá pẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbà lóṣù náà. Màmá wá sí ìpàdé pẹ̀lú tẹ́là rẹ̀ nínú ọ̀rá, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní: "Ẹ wo déètì. Ẹ kà á síta kí gbogbo ayé gbọ́. Ọ̀sán gangan ni mo san tèmi, alẹ́ ni òun san tirẹ̀. Báwo ni èmi ṣe wá pẹ́ tí òun kò pẹ́? Àbí nítorí pé Ẹ̀pẹ́ ni mo ti wá?"

Ẹnu wa wọ́ọ́lẹ̀. Akápò kò purọ́, màmá náà kò sì purọ́. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ọ̀nà tí owó àwọn méjèèjì gbà yàtọ̀ síra.

Ọjọ́ báǹkì yàtọ̀ sí ọjọ́ tiwa

Èyí ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ tiwa ń parí ní ọ̀gànjọ́ òru. Ọjọ́ iṣẹ́ báǹkì kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ọjọ́ iṣẹ́ báǹkì. Ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì ni, Sátidé kò sí níbẹ̀, Sọ́ńdè kò sí níbẹ̀, ọjọ́ ìsinmi tí ìjọba bá kéde kò sí níbẹ̀. Èkejì, ọjọ́ iṣẹ́ yẹn ní aago tí ó ń parí fún oríṣi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Aago yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń pè ní kọ́tọ́ọ̀fù. Àwa yóò pè é ní aago ààlà. Ohun tí ó bá wọlé kí aago ààlà tó lù, tòní ni. Èyí tí ó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ṣì ń ràn lójú ọ̀run, ti ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà Èjìnrìn láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún yín. Bí o bá gbé ẹrù dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú, kò sí ẹni tí yóò sọ pé o kò gbé ẹrù wá. Ẹrù rẹ wà níbẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn ni ó fi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní ná an títí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Bí ọjọ́ ọjà bá wá jìnnà, o ó dúró.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà ni pé a ń fi ìgbà tí báǹkì ti ilẹ̀kùn ṣe aago ààlà. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Báǹkì wa ń ti ilẹ̀kùn ní aago 4. Ṣùgbọ́n aago ààlà ṣẹ́ẹ̀kì níbẹ̀, aago 2 ni, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri nínú lẹ́tà kéékèèké tí àwa fúnra wa kò kà rí títí di ọjọ́ tí a lọ béèrè. Aago yìí yàtọ̀ láti báǹkì dé báǹkì, nítorí náà kí olúkúlùkù béèrè lọ́wọ́ báǹkì tirẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò fi gbà á títí di aago 4? Nítorí pé iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì kò parí lójú fèrèsé tí a ti fi í lé wọn lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò ya àwòrán ṣẹ́ẹ̀kì náà lójú àti lẹ́yìn, wọn yóò ṣe àyẹ̀wò nọ́ńbà rẹ̀, wọn yóò kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹ̀ka tó kù, lẹ́yìn náà wọn yóò fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà sí ilé iṣẹ́ tí ń jẹ́ NIBSS. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà àti àwọn báǹkì tó kù ni ó jọ ni ilé iṣẹ́ yìí, ọdún 1993 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun ni ó wà láàrin báǹkì kan àti èkejì. NIBSS náà ní aago tí ó ń ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ẹ fi wé ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdó ní Ìkòròdú. O lè ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, o lè ti wà ní èbúté, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tó kẹ́yìn bá ti ṣí, èbúté ni o wà, o kò tíì dé Èkó.

Àwọn àgbà inú wa mọ̀ pé ó ti burú ju báyìí lọ rí. Ní 1961 ni Báǹkì Àpapọ̀ ṣí ilé ìpààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì àkọ́kọ́ sí Èkó. Láti ìgbà náà, ìwé ṣẹ́ẹ̀kì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbé kiri. Ṣẹ́ẹ̀kì tí o bá fi sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ yóò wọ mọ́tò lọ sí Èkó kí àwọn báǹkì tó lè pààrọ̀ rẹ̀ láàrin ara wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi àwòrán ránṣẹ́ ní Èkó dípò ìwé, ó sì kárí Nàìjíríà ní 2013. Ìwé kò rin ìrìnàjò mọ́. Síbẹ̀ báǹkì tí yóò sanwó gbọ́dọ̀ ní ààyè láti wò ó bóyá owó wà nínú àkáǹtì ẹni tí ó kọ ọ́, bóyá ìbuwọ́lùwé rẹ̀ bára mu. Ìdí nìyí tí owó ṣẹ́ẹ̀kì tí ó wọlé lásìkò lónìí fi ń di lílò ní ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ màmá Ẹ̀pẹ́

Ní báyìí, ẹ bá wa ka ọjọ́ lórí ìka. Màmá fi ṣẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹta 2025, aago 3 kọjá. Aago ààlà, aago 2, ti lù. Nítorí náà ọjọ́ Ẹtì yẹn kò sí nínú ìṣirò mọ́. Sátidé 29, báǹkì kò ṣiṣẹ́. Sọ́ńdè 30, kò sí iṣẹ́. Ọjọ́ Ajé 31 ńkọ́? Ẹ ò ní gbàgbé pé ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni. Ìjọba àpapọ̀ kéde ọjọ́ Ajé 31 oṣù kẹta àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin pé kí gbogbo ènìyàn sinmi. Nígbà tí à ń jẹ ìrẹsì ọdún ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Ìkòròdú, ṣẹ́ẹ̀kì màmá wà nínú dúrọ́ọ̀ báǹkì, òun náà ń ṣọdún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ni ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ yẹn ni àwòrán ṣẹ́ẹ̀kì jáde lọ sí báǹkì oníbàárà màmá. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ni owó di lílò nínú àkáǹtì ẹgbẹ́. Ọjọ́rú ni akápò gba sítéètimẹ́ńtì. Ṣé ẹ rí i? Ọjọ́ kan péré ni ó kù kí owó wọlé nígbà tí a ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn onídùúró.

Bí màmá bá ti dé báǹkì ní agogo 1 ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, àwòrán ìbá jáde lọ́jọ́ náà, owó ìbá sì di lílò ní Ọjọ́rú, nítorí Ọjọ́rú ni ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé owó tí ó pẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì yóò fara hàn ní ọjọ́ Ajé, òótọ́ ni fún oríṣi kan. Ní ti ṣẹ́ẹ̀kì, láìsí ọdún kankan, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ó máa retí rẹ̀.

Oríṣi tí ó ń fara hàn ní ọjọ́ Ajé nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Ìkòròdú tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń yọ owó wọn nínú owó oṣù, tí ó sì ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ni èyí tí ẹ máa rí lórí sítéètimẹ́ńtì pẹ̀lú orúkọ NEFT. Ọjọ́ Ẹtì 30 oṣù karùn-ún 2025, aago 5 ìrọ̀lẹ́, ni akọ̀wé owó ilé ẹ̀kọ́ náà tẹ̀ ẹ́. Báǹkì wọn yọ owó lójú ẹsẹ̀, àláàtì ìyọwó dé bá wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí nǹkan. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, ni owó fara hàn. Owó oṣù karùn-ún wá di owó oṣù kẹfà nínú ìwé wa, gbogbo àwọn olùkọ́ wọ̀nyí sì di apẹ́sanwó nínú oorun wọn, àwọn tí wọn kò tilẹ̀ fọwọ́ kan owó náà rárá.

Kí ló dé tí NEFT fi ń dúró? Ìdìpọ̀ ni ó ń rìn. Báǹkì máa ń kó owó tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ jọ, wọn a fi ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí NIBSS ní àwọn aago tí a ti yàn lójúmọ́. NIBSS a wá ṣe ìṣirò ohun tí báǹkì kọ̀ọ̀kan jẹ èkejì. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àwọn oníbàárà báǹkì kan fi ₦80 mílíọ̀nù ránṣẹ́ sí báǹkì kejì, tí àwọn oníbàárà báǹkì kejì náà fi ₦75 mílíọ̀nù ránṣẹ́ padà. Kò sí ìdí tí wọn yóò fi kó ₦155 mílíọ̀nù káàkiri. ₦5 mílíọ̀nù péré ni báǹkì kìíní yóò san fún èkejì. Bí ìyá aláṣọ àti ìyá ẹlẹ́ja ṣe ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá jọ jẹ ara wọn ní gbèsè: wọ́n á ṣírò, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ á san ìyókù. Ibi tí àwọn báǹkì ti ń san ìyókù yìí ni inú àkáǹtì tí olúkúlùkù wọn ní lọ́dọ̀ Báǹkì Àpapọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe ìṣirò náà parí. Ìdìpọ̀ tí kò bá ìṣirò ọjọ́ Ẹtì, ti ọjọ́ Ajé ni yóò bá.

Kí ló gbé ti bàbá Ìkòròdú wọlé lóru?

Ẹ ó ní, ṣùgbọ́n bàbá Ìkòròdú fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní aago 9 alẹ́, ó sì wọlé lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni. Ọ̀nà tí òun gbà ni èyí tí ń jẹ́ NIP, tí NIBSS bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Òun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń lò lórí fóònù àti lọ́dọ̀ àwọn oní-píóòsì ní gbogbo ìkòríta. NIP kì í dúró de ìdìpọ̀. Báǹkì tí ń fi owó ránṣẹ́ yóò fi ìròyìn ránṣẹ́, báǹkì tí ń gbà yóò dáhùn, yóò sì fi owó sínú àkáǹtì oníbàárà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, Sátidé, Sọ́ńdè, àti lọ́jọ́ ọdún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé àwọn báǹkì fúnra wọn kò tíì san owó yẹn fún ara wọn lóru ọjọ́ yẹn. Báǹkì wa ti fún ẹgbẹ́ lówó, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ yóò dúró de ọjọ́ iṣẹ́ kí ó tó gba tirẹ̀ lọ́wọ́ báǹkì bàbá nínú ìwé Báǹkì Àpapọ̀. Ó gbà láti dúró nítorí pé àwọn báǹkì ti fi ohun ìdógò sílẹ̀ lọ́dọ̀ Báǹkì Àpapọ̀, kí gbèsè àárín wọn má baà di ìjà. Nítorí náà, ìdúró kò parẹ́. Báǹkì ni ó gbé e ru ara rẹ̀ fún oníbàárà NIP. Ní ti ṣẹ́ẹ̀kì àti NEFT, oníbàárà ni ó ń ru ú.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Bí ẹ bá gba sítéètimẹ́ńtì, ẹ lè rí déètì méjì lórí ìlà kan. Ọ̀kan ni ọjọ́ tí wọ́n kọ owó náà sínú ìwé, èkejì ni ọjọ́ tí báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí ka owó náà sí tirẹ, pàápàá fún èlé. Fún owó tí ó wọlé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tàbí ní Sátidé, àwọn báǹkì mìíràn ń kọ ọjọ́ Ajé sí ọ̀kan nínú méjèèjì, nítorí pé wọ́n ti pa ìwé ọjọ́ Ẹtì dé. Akápò tí ó bá wo déètì kejì nìkan yóò sọ pé bàbá Ìkòròdú náà pẹ́, bẹ́ẹ̀ owó ti wà nílẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àláàtì ni kí ó fi ṣe ẹ̀rí.

Èrò wa

Ìgbìmọ̀ ti jíròrò lórí ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì fohùn ṣọ̀kan pátápátá. Akápò ní èrò tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fi í pamọ́. Ó ní ẹgbẹ́ kò lè yá ẹnikẹ́ni ní owó tí kò tíì wọlé. Ó ní ṣẹ́ẹ̀kì lè padà wá láìsanwó, ẹni tí ó fi ṣẹ́ẹ̀kì òfo sílẹ̀ yóò sì máa fi òǹtẹ̀ tẹ́là yangàn. A gbà pé òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nínú ohun tí ó pè ní ọ̀kan. Ìgbà tí ẹgbẹ́ lè ná owó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ìgbà tí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ojúṣe rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Fáìnì wà fún ẹni tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Kò yẹ kí a gba fáìnì lọ́wọ́ ènìyàn nítorí pé ìjọba kéde ọdún.

Nítorí náà, a ó gbé àbá mẹ́ta wá sí ìpàdé gbogbogbòò. Èkíní, kí a fi ọjọ́ tí owó kúrò lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ pinnu bóyá ó pẹ́: òǹtẹ̀ tẹ́là fún ṣẹ́ẹ̀kì àti fún owó lọ́wọ́, ìwé ẹ̀rí ìfiránṣẹ́ fún NEFT àti NIP. Bí ṣẹ́ẹ̀kì bá padà wá, òǹtẹ̀ yẹn di òfo, fáìnì yóò sì tẹ̀ lé e. Èkejì, ní ti yíyá owó, kí akápò máa dúró títí owó yóò fi di lílò lóòótọ́, kí ó má ṣe pín ohun tí kò sí nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ipò ọmọ ẹgbẹ́ nínú ìlà má ṣe yẹ̀ nítorí ìdúró báǹkì. Ẹ̀kẹta, kí ọjọ́ ìsanwó kúrò ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kẹ́yìn oṣù, kí ó di ọjọ́ 24. Bí ọjọ́ 24 bá bọ́ sí ọjọ́ tí báǹkì kò ṣiṣẹ́, kí ó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀. Lọ́nà yìí, bí òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọdún bá dí wa lọ́nà, àyè wà kí oṣù tó parí.

Kí ìpàdé yẹn tó dé, ohun kan wà tí a kò ní dúró dè. Fáìnì ₦1,000 màmá Ẹ̀pẹ́ ti padà sínú àkáǹtì rẹ̀. A ti kọ lẹ́tà mìíràn sí àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì pé kò jẹ gbèsè kankan, pé àwa ni a ṣìṣe. Ti àwọn olùkọ́ náà ti padà. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, kí ó mú tẹ́là tàbí àláàtì rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì.

Ó ku èyí tí a kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo owó tí kò tíì dé ni ó ń dúró de ọjọ́ Ajé. Òmíràn ti sọnù sọ́nà. Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀? Bí ó bá jẹ́ NIP, má ṣe dúró de ọjọ́ Ajé rárá. NIP kò ní ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ owó lọ́dọ̀ rẹ, tí àláàtì kò sì dé ọ̀dọ̀ akápò títí ilẹ̀ fi mọ́, ohun kan ti ṣẹlẹ̀. Lọ bá báǹkì tìrẹ, báǹkì tí owó ti kúrò, kì í ṣe báǹkì ẹgbẹ́. Mú nọ́ńbà tí wọ́n kọ Session ID sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìwé ẹ̀rí dání. Nọ́ńbà gígùn ni, 30 ni iye rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń tọpa owó láàrin báǹkì méjèèjì. Má sì tún owó náà fi ránṣẹ́ kí o tó mọ ibi tí ti àkọ́kọ́ wọlé sí, kí o má baà san án lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ó bá jẹ́ NEFT ọjọ́ Ẹtì, tí ọjọ́ Ajé lọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ láìsí owó, kí o béèrè ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà àkáǹtì kò péye, tí wọ́n dá owó padà sí ibi tí ó ti wá. Bí ó bá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì, dúró títí ọjọ́ iṣẹ́ kejì yóò fi parí, lẹ́yìn náà béèrè bóyá wọ́n dá a padà, àti ìdí tí wọ́n kọ sí i lára. Bí ó bá jẹ́ pé owó kò tó nínú àkáǹtì ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni yẹn ni kí o dojú kọ, kì í ṣe báǹkì.

Láti oṣù tó ń bọ̀, ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé yìí yóò máa ní àwọn ọjọ́ iṣẹ́ báǹkì inú oṣù náà, pẹ̀lú aago ààlà báǹkì wa. Bí ìjọba bá kéde ọdún lójijì, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀kì sanwó, kí ó jọ̀wọ́ dé báǹkì kí ó tó di aago 2. Màmá ẹlẹ́ja ti ní òun yóò máa fi fóònù ránṣẹ́ láti ìsinsìnyí lọ. Ó ní ẹja òun kì í dúró de ọjọ́ Ajé, kí ló dé tí owó òun yóò fi dúró?

Akọ̀wé, lórúkọ ìgbìmọ̀.